Bí a ṣe ń tú ìtàn ìṣẹ̀lẹ̀ sí mẹ́rin: alẹ́ tí jẹnẹrétọ̀ kú ní Ìjọra

*Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Èmi ni olórí ṣíìfù alẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹja dídì ní Ìjọra. Jẹnẹrétọ̀ kú mọ́ wa lọ́wọ́, ẹja sì bà jẹ́. Mo kọ rìpọ́ọ̀tù, máníjà dá a padà. Ó ní ìtàn ni mo kọ, kí n pín in sí Àkókò, Okùnfà, Ìpalára àti Àtúnṣe. Mo pín in, ó tún dá a padà. Mo ti fi èyí tí mo kọ́kọ́ kọ ránṣẹ́ sí yín, pẹ̀lú fọ́tò pánẹ́ẹ̀lì jẹnẹrétọ̀, ti ẹ̀rọ tó ń ka òtútù, ti ìpè inú fóònù mi, ti ìwé géètì àti ti ìwé sáfíìsì ẹ̀rọ. Níbo ni mo ti ṣìnà?*

Àbúrò mi, o kú ọ̀rọ̀ ẹja. Sísọ́ọ̀sì lo fi ṣiṣẹ́ náà. Ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn bọ́ sábẹ́ Àkókò, àárín rẹ̀ bọ́ sábẹ́ Okùnfà, òpin rẹ̀ sì di Àtúnṣe. Gbólóhùn kan ṣoṣo nínú ìtàn lè ru ẹrù mẹ́ta, torí náà gbólóhùn la gbọ́dọ̀ tú kí a tó pín ohunkóhun. Ẹ jẹ́ ká mú ibi tó ṣe pàtàkì jù nínú èyí tí o kọ:

“Nẹ́pà mú iná lọ ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, jẹnẹrétọ̀ sì gbé e. Nígbà tó yá, ó kú. Wọ́n pe mẹkáníìkì, kò tètè gbé fóònù. A wọlé lọ wo ẹja. Nígbà tí mẹkáníìkì dé, ó ní fílítà ló dí torí pé dísẹ́ẹ̀lì tí wọ́n rà kò dára. Ó pààrọ̀ rẹ̀, ó tan. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a rí i pé páálí ẹja kan ti rọ̀. Àìbìkítà mẹkáníìkì ló fa gbogbo rẹ̀.”

Wo gbólóhùn tí mẹkáníìkì ti dé. Pé ó dé, ìyẹn ní aago tirẹ̀, ìwé géètì sì mọ̀ ọ́n. Pé fílítà dí, ohun tí ọwọ́ tú jáde tí ojú sì rí ni. Pé dísẹ́ẹ̀lì kò dára, èrò ọkàn rẹ̀ nìyẹn, ó sì lè jẹ́ òótọ́, ó sì lè má jẹ́. Ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí ìwọ fi ẹnu kan sọ. Bí mo ṣe máa ń ṣe é ni pé mo á gba ìtàn náà bó ṣe wà, mo á fi bírò kọ lẹ́tà kékeré sí ẹ̀gbẹ́ gbogbo ẹyọ ọ̀rọ̀ tó lè dá dúró: R fún ohun tí ojú rí tàbí tí ẹ̀rọ kọ sílẹ̀, G fún ohun tí a gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíì, L fún ohun tí ẹnìkan lérò. R lè wọ Àkókò tààrà. G lè wọ̀ ọ́ bí orúkọ iṣẹ́ ẹni tó sọ ọ́ bá bá a wọlé. L kò gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ kan Àkókò rárá, abẹ́ Okùnfà ló ti máa dúró de ẹ̀rí.

Èdè wa náà á tún fẹ́ ṣe ọ́ ní jàǹbá níbí, torí pé ó ní ọ̀rọ̀ kéékèèké mẹ́ta tó máa ń gbé nǹkan pamọ́. Àkọ́kọ́ ni “wọ́n”. “Wọ́n pe mẹkáníìkì.” Ta ni? Nínú fóònù tìrẹ ni mo ti rí ìpè náà, o kàn fi “wọ́n” bo ara rẹ. “Dísẹ́ẹ̀lì tí wọ́n rà” ńkọ́? Ọ́fíìsì ìrajà ni àbí ọ̀gá ilé ìpamọ́? Èkejì ni “ó”. “Ó pààrọ̀ rẹ̀, ó tan”: ọkùnrin ni “ó” àkọ́kọ́, ẹ̀rọ ni èkejì. Àwa tó ń gbọ́ ọ lè mọ̀, àmọ́ ẹni tó máa ka ìwé náà ní oṣù mẹ́fà sí i, tí kò sí níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, kò mọ nǹkan kan. Ẹ̀kẹta ló wá burú jù, ìyẹn “kan”. “Páálí ẹja kan ti rọ̀.” Ẹyọ kan ni àbí àwọn kan? Mo gbè sẹ́yìn máníjà rẹ lórí èyí. Bó bá jẹ́ páálí kan ṣoṣo, kí la wá ń kọ rìpọ́ọ̀tù fún? Nínú rìpọ́ọ̀tù, fi orúkọ ipò dípò “wọ́n” àti “ó”, kí o sì fi iye dípò “kan”.

Ó yá, Àkókò. Má fi orí rẹ kọ ọ́. Ibi mẹ́rin ni aago wà lálẹ́ ọjọ́ náà: pánẹ́ẹ̀lì jẹnẹrétọ̀ tó ń tọ́jú ìṣẹ̀lẹ̀, fóònù rẹ, ìwé géètì, àti ẹ̀rọ tó ń ka òtútù kóòdùrúùmù ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Wàhálà ibẹ̀ ni pé aago wọn kì í bára mu. Nínú fọ́tò tí o fi ránṣẹ́, pánẹ́ẹ̀lì fi ìṣẹ́jú méje ṣáájú fóònù. Bí o bá da wọ́n pọ̀ láìṣe àtúnṣe, yóò dà bí ẹni pé o ti pe mẹkáníìkì kí o tó tan ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kejì, ẹni tó bá sì fẹ́ gbèjà ara rẹ̀ lè fi ìyẹn sọ pé irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Mú aago kan ṣe olórí. Aago fóònù ni mo mú, torí òun ló ń gba àkókò látọ̀dọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Yọ ìṣẹ́jú méje kúrò nínú gbogbo ti pánẹ́ẹ̀lì, kí o sì kọ ọ́ sókè pé o yọ ọ́. Gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ òtútù náà, kí o fi wé e. Ọlọ́dẹ ńkọ́? Aago ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò, torí náà fi “nǹkan bí” síwájú tirẹ̀.

Bí mo ṣe tò ó nìyí:

Mọ́ńdé, nǹkan bí 15:40. Ọkọ̀ já 1,000 lítà dísẹ́ẹ̀lì sínú táńkì (ìwé géètì).
Túsìdeè, 23:04. Iná ìjọba lọ. Jẹnẹrétọ̀ gbé ẹrù ní 23:05 (pánẹ́ẹ̀lì).
Wẹ́sìdeè, 00:26. Pánẹ́ẹ̀lì kìlọ̀: `Under Frequency`. Ọlọ́dẹ ní òun gbọ́ tí ẹ̀rọ ń húkọ́ ní nǹkan bí 00:30.
00:41. Jẹnẹrétọ̀ kú (pánẹ́ẹ̀lì).
00:44 àti 00:50. Olórí ṣíìfù tan án lẹ́ẹ̀mejì; pánẹ́ẹ̀lì kọ `Fail to Start` nígbà méjèèjì.
00:53, 01:10. Olórí ṣíìfù pe mẹkáníìkì, kò gbé e. 01:32, ó gbé e (fóònù).
Nǹkan bí 02:35. Mẹkáníìkì wọ géètì (ìwé géètì).
03:20. Jẹnẹrétọ̀ tan, ó gbé ẹrù (pánẹ́ẹ̀lì).
06:30. Kóòdùrúùmù padà sí −18 (ẹ̀rọ òtútù).

Kíyè sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Tìrẹ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí iná lọ, ó sì parí nígbà tí ẹ̀rọ tan. Àmọ́ ọjọ́ tí dísẹ́ẹ̀lì wọlé ti wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Bẹ́ẹ̀ ni ẹja kò mọ̀ pé ẹ̀rọ ti tan títí òtútù fi padà dé −18 tí a fi ń tọ́jú ẹja dídì. Kíyè sí i pẹ̀lú pé “nítorí” kan kò sí níbẹ̀. Kò sí “àìbìkítà”, kò sì sí Nẹ́pà. Láti 2005 ni orúkọ yẹn ti kúrò lórí bíìlì, ẹnu wa nìkan ló kù sí. Nínú ìwé, kọ “iná ìjọba” tàbí orúkọ iléeṣẹ́ tó ń fún yín níná.

Lẹ́yìn tí o bá tò ó tán, wá ihò. Láti 01:32 sí 02:35, wákàtí kan ó lé ìṣẹ́jú mẹ́ta, kò sí ohunkóhun nínú ìwé. Ibẹ̀ ni gbólóhùn rẹ kékeré yẹn ń gbé: “A wọlé lọ wo ẹja.” Kò ní aago, kò ní iye èèyàn. Mo bá gbé nọ́ńbà ẹ̀rọ òtútù sẹ́gbẹ̀ẹ́ Àkókò. Ó jẹ́ −19 ní 23:00, ó sì ṣì wà ní −19 ní 00:45. Ní 01:45 ó di −16. Ìyẹn yé mi: kóòdùrúùmù tí ẹja dídì kún inú rẹ̀, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ sì wà ní títì, kì í tètè gbóná, ẹja fúnra rẹ̀ ló ń ṣe yìnyín fún ara wọn. Ó fi wákàtí kan gbóná ní ìdíwọ̀n mẹ́ta péré. Ṣùgbọ́n ní 02:00 ó di −9, ní 02:15 ó di −4. Méjìlá láàárín ìṣẹ́jú ọgbọ̀n! Jẹnẹrétọ̀ tó kú kò lè ṣe ìyẹn fúnra rẹ̀. Atẹ́gùn ìta ló wọlé, o sì mọ bí atẹ́gùn Ìjọra ṣe rí, kódà lóru.

Nígbà tí mo bi ọ́ lórí fóònù, o rẹ́rìn-ín díẹ̀ kí o tó dáhùn. O ní ìwọ àti ọmọ iṣẹ́ méjì wọlé pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ẹ sì fi pálẹ́ẹ̀tì dá ilẹ̀kùn dúró ní ṣíṣí torí òkùnkùn ń bà yín lẹ́rù, pé bó bá tì mọ́ yín níbẹ̀ ńkọ́? Ẹ jáde nígbà tí mẹkáníìkì fọn fèrè ní géètì. Ohun tó yẹ kó wà lórí ìlà kan lábẹ́ Àkókò nìyẹn: “nǹkan bí 01:45 sí 02:35, olórí ṣíìfù àti òṣìṣẹ́ méjì wà nínú kóòdùrúùmù, ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí.” Fi í sí i. Mo mọ̀ pé kò dùn mọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ òtútù ti sọ ọ́ kí n tó bi ọ́, máníjà rẹ náà sì lè ka nọ́ńbà.

Ìpalára kò ní gbà ọ́ lákòókò bí o bá ti ka páálí. O sọ fún mi pé páálí Títù méjìdínlógójì ló rọ̀, gbogbo wọn ní ìlà méjì tó sún mọ́ ilẹ̀kùn. Páálí kọ̀ọ̀kan jẹ́ 20 kílò, 760 kílò nìyẹn. Kọ iye tó wà níbẹ̀ lápapọ̀, 612, kí a lè mọ ohun tí kò bà jẹ́: ìlà ẹ̀yìn le koránkorán, tẹmómítà tí a kì bọ àárín ẹja níbẹ̀ kò kúrò ní −17. Ìdí tí mo fi ní kí o kọ ìyẹn ni pé ó ń ti Okùnfà lẹ́yìn. Bó bá jẹ́ àìsí iná nìkan ló ba ẹja jẹ́, kí ló dé tó jẹ́ ẹnu ọ̀nà nìkan ló rọ̀? Tó bá kan owó, lo iye tó wà lórí rísíìtì tí ẹ fi ra ẹja, kí o sì sọ pé rísíìtì ni. Ọ̀pọ̀ máa ń fi iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà ọjọ́ náà ṣe ìṣirò kó lè dà bí ẹni pé ó wúwo. Nǹkan bíi “ó ba orúkọ wa jẹ́” kò ní ìwọ̀n. “Oníbàárà méjì dúró fún wákàtí mẹ́ta kí wọ́n tó gbé ẹrù” ní ìwọ̀n.

Ohun kan wà tó ń kọ mí lóminú níbẹ̀. Agogo méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ ka páálí, ẹ̀rọ sì ti ń ṣiṣẹ́ láti 03:20. Ẹja tó bá rọ̀ díẹ̀ lóru lè ti tún dì padà kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, ọwọ́ á sì sọ fún yín pé kò sóhun tó ṣe é. Tú páálí ìlà kẹta wò. Bí o bá rí yìnyín pupa nísàlẹ̀ rẹ̀, omi ẹ̀jẹ̀ tó ṣàn tó sì tún dì ni, ẹja ibẹ̀ ti rọ̀ rí. Títí ẹ ó fi ṣe ìyẹn, “ó kéré tán 38” ni kí o kọ.

Okùnfà ni ibi tí èèyàn ti máa ń fi ọwọ́ tọ́ka sí ẹnìkejì. Má ṣe béèrè pé ta ni. Béèrè ìbéèrè mẹ́ta tí Àkókò ti yà sọ́tọ̀ fún ọ: kí ló mú ẹ̀rọ kú, kí ló mú kó pẹ́ kó tó tan, kí ló mú kí ẹja rọ̀? Ìdáhùn wọn kò jọra. Ìdánwò tí mo máa ń fi mọ̀ ọ́n ni pé mo á yọ nǹkan náà kúrò nínú ìtàn wò. Ká ní mẹkáníìkì gbé fóònù ní ìpè àkọ́kọ́, ṣé ẹ̀rọ ò ní kú? Á kú, ó ti kú ná. Fóònù tí kò gbé jẹ́ ohun tó fa pípẹ́, ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógójì, láti 00:53 sí 01:32. Kọ ọ́ sí ibẹ̀, bó ṣe mọ nìyẹn. Ká ní ilẹ̀kùn wà ní títì ńkọ́? Bí òtútù ṣe ń rìn kí ẹ tó ṣí i, mo gbà pé páálí wọ̀nyẹn ò ní rọ̀ kí ẹ̀rọ tó tan. Ilẹ̀kùn nìyẹn, àbúrò.

Ti ẹ̀rọ fúnra rẹ̀: fílítà dísẹ́ẹ̀lì dí, epo kò dé ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì tó, ìyẹn ló ṣe húkọ́ tí iyára rẹ̀ lọ sílẹ̀, tí pánẹ́ẹ̀lì fi kìlọ̀ ní 00:26, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ó tó kú. Ó bára mu dáadáa. Kí wá ló dí fílítà? Mẹkáníìkì ní dísẹ́ẹ̀lì ni. Ìwé sáfíìsì ẹ̀rọ sọ nǹkan míì: ẹ̀kẹ́yìn tí a pààrọ̀ fílítà, mítà wákàtí ka 6,120, lálẹ́ ọjọ́ náà ó ka 6,551. Wákàtí 431 nìyẹn, ìwé ẹ̀rọ yín sì ní kí a máa pààrọ̀ rẹ̀ ní 250. Ó ti kọjá àkókò rẹ̀ kí dísẹ́ẹ̀lì ọjọ́ Mọ́ńdé tó dé. Ó tún ṣeé ṣe kí omi wà nínú epo. Omi wúwo ju dísẹ́ẹ̀lì lọ, ìsàlẹ̀ ló ń wà: bu díẹ̀ nísàlẹ̀ táńkì sínú ìgò tó mọ́ gaara, gbé e kalẹ̀ títí di ọjọ́ kejì, bí omi bá wà wàá rí ìlà rẹ̀. Àmọ́ kódà bí o bá rí omi, ìyẹn kò tíì dá ẹni tó ta epo lẹ́bi, torí òjò lè gba ẹnu táńkì tí ìdérí rẹ̀ kò há wọlé. Ohun tó lè dá a lẹ́bi ni epo tí a bù lára ọkọ̀ rẹ̀ kó tó já a, ẹ ò sì bù ú. Nítorí náà gbólóhùn tó yẹ kó wà níbẹ̀ ni: “fílítà ti kọjá wákàtí ìpààrọ̀ rẹ̀ ní 181, bóyá dísẹ́ẹ̀lì ní ọwọ́ nínú rẹ̀, a kò tíì fìdí rẹ̀ múlẹ̀.” “Àìbìkítà” kò sí níbẹ̀. Ta ló yẹ kó ṣọ́ mítà wákàtí? Mo wá a nínú gbogbo ìwé tí o fi ránṣẹ́, kò sí orúkọ ipò kankan. Ohun tó fà á gan-an ni pé iṣẹ́ náà kò lólúwa.

Pẹ̀lú Àtúnṣe, ya ohun tí ẹ ṣe lálẹ́ ọjọ́ náà sọ́tọ̀. Pípààrọ̀ fílítà mú iná padà, kò ní kó má dí mọ́. Èyí tí o kọ, “kí gbogbo òṣìṣẹ́ máa ṣọ́ra”, pa á rẹ́. Mo ti kà á nínú àìmọye rìpọ́ọ̀tù, n kò sì tíì rí bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọ́n ṣe é. Àtúnṣe gbọ́dọ̀ so mọ́ okùnfà kan, kó ní ipò tó máa ṣe é, ọjọ́ tó máa parí, àti ohun tí ẹlòmíì lè fi ojú rí. Mẹ́ta tó fún ọ.

Fún fílítà: alábòójútó ẹ̀rọ yóò máa kọ mítà wákàtí sínú ìwé lójoojúmọ́, yóò tọrọ fílítà nígbà tó bá ku wákàtí 25, yóò pààrọ̀ rẹ̀ ní 250, yóò sì máa tú omi ìsàlẹ̀ fílítà jáde láràárọ̀ kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ. Ìwé náà ni ẹ̀rí. Fún pípẹ́: nọ́ńbà mẹkáníìkì kejì yóò wà lára pánẹ́ẹ̀lì, a ó sì pè é bí ẹni àkọ́kọ́ kò bá gbé ìpè méjì.

Ti ilẹ̀kùn ló gba ìrònú. “Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ṣí ilẹ̀kùn nígbà tí iná bá lọ” dára lórí ìwé, àmọ́ ẹ ò ṣí i sílẹ̀ nítorí agídí, ẹ̀rù ló bà yín. Bí o bá fi òfin lásán lé ẹ̀rù lórí, ẹ̀rù ni yóò borí. Ohun tó máa dúró ni kí ẹ gbé ojú ẹ̀rọ òtútù síta kí ẹ lè kà á láìwọlé, kí ẹ fi iná bátìrì sínú, kí ẹ sì dán ọwọ́ tí a fi ń ṣí ilẹ̀kùn látinú wò lóṣooṣù, níṣojú àwọn ọmọ iṣẹ́. Nígbà náà ni òfin ilẹ̀kùn lè tẹ̀lé e. Ọ̀gá ilé ìpamọ́ ni kí o kọ sí i, kì í ṣe ìwọ, torí òun ló lè buwọ́ lùwé owó bátìrì.

Kí o tó fi ránṣẹ́, kà á láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Mú àtúnṣe kọ̀ọ̀kan, wá okùnfà rẹ̀. Mú okùnfà kọ̀ọ̀kan, wá ìlà tó ti wá lábẹ́ Àkókò. Èyí tí kò bá rí ìyá rẹ̀, yọ ọ́ tàbí kí o wá ìlà tó sọnù. Má sì ju ìtàn àkọ́kọ́ nù. So ó mọ́ ẹ̀yìn bó ṣe wà, pẹ̀lú ọjọ́ àti ìbuwọ́lù rẹ, kí o má tún un ṣe rárá, kódà “páálí kan” yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọwọ́ rẹ ṣe kúrò ní “wọ́n pe” dé “olórí ṣíìfù pe” yóò rí i níbẹ̀.